Lébẹ́ẹ̀lì Méjì Lára Àpò Kan

Ọjọ́ tí Bàbá Aláago kọ́kọ́ dá ife kọfí padà, Ìyá Oníkọfí rò pé ara bàbá náà ni kò yá. Aago ni bàbá ń tún ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní òdìkejì títì gan-an. Kì í fi ṣúgà sí kọfí, kì í fi mílíìkì sí i, ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ. Kò pariwo. Ó rọra gbé ife náà lé orí káńtà, ó ní, "Ìyá Oníkọfí, èyí ti kú o. Ẹ bá mi sin ín."

Nígbà tó dá a padà lẹ́ẹ̀kejì, ẹjọ́ mìíràn ló wí. Ó ní tọ̀tẹ̀ yìí kò kú, wèrè ló ń ṣe. Ìfófòó rẹ̀ hó dé etí ife bí ọṣẹ ìfọṣọ, ó sì kan débi pé ahọ́n òun ká kò bí ewé tí oòrùn pa.

Ìyá Oníkọfí tọ́ ọ wò. Bàbá kò parọ́. Ọ̀rọ̀ yìí sì dùn ún wọra, nítorí kò sí ohun tó kórìíra tó kí nǹkan ṣòfò. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí iná jó lásán nínú yàrá tí ènìyàn kò sí, tó máa ń fi omi tó fi fọ ife ṣan àtẹ̀gùn, ló wá ń da kọfí odidi sínú kòtò omi lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ kọfí, búrẹ́dì àti mílíìkì ló ń tà, fún ọdún pípẹ́. Òfin kan ṣoṣo ló mú kúrò níbẹ̀, ó sì gbà pé òfin yẹn ló sọ òun dènìyàn: èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá máa kọ́kọ́ pé ni kó kọ́kọ́ jáde. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ kápẹ́ńtà, fi pákó funfun kan pẹpẹ fún un lẹ́yìn káńtà, ó fẹ̀, ó sì jìn tó bẹ́ẹ̀ tí àpò mẹ́ta fi lè tò tẹ̀lé ara wọn. Bí ẹrù tuntun bá dé, Ìyá Oníkọfí á wo ọjọ́ gàdàgbà tó wà níwájú àpò, èyí tí wọ́n kọ "Ó dára jù kó tó di" sí lórí. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́lé á bọ́ síwájú, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ṣì jìnnà á lọ sẹ́yìn. Ọmọbìnrin tó ń po kọfí níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí kì í kánjú ṣe ohunkóhun, pa òfin yìí mọ́ bí ẹni pa àdúrà mọ́.

Ìlà kékeré kan tún wà nísàlẹ̀ ọjọ́ gàdàgbà náà, "Ọjọ́ tí a yan án". Ìyá Oníkọfí kò ka ìyẹn kún. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ àárín ẹni tó ń yan kọfí àti iná rẹ̀ ni. Ta ló ń bèèrè ọjọ́ tí wọ́n po ìyẹ̀fun lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì? Nígbà tó wá ṣe lébẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà lára rẹ̀, orí ìlà kékeré yẹn ló ní kí Jẹ́jẹ́ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa, iwájú àpò sì mọ́ tónítóní.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ń yan kọfí náà. Obìnrin ilé kì í pe orúkọ mọ́ ọmọ ilé lórí, nítorí náà Eyínfúnjowó ló ń pè é látọjọ́ tó ti dé ilé wọn, nítorí eyín funfun kinniwin tó máa ń kọ́kọ́ yọ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Gbogbo ayé ló ń bá a rẹ́rìn-ín. Ìyá Oníkọfí ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń yan. Bí kò bá rà á mọ́, iná ilé ìyankọfí yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nìyẹn.

Ó wá jókòó, ó ro ọ̀rọ̀ náà. Kọfí kan ń kú, òmíràn ń ya wèrè, ọwọ́ kan náà ló sì yan méjèèjì. Ó mú àpò tí èyí tó kú ti jáde, ó wo ọjọ́ iwájú rẹ̀: oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sì wà. Yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ tó wà lẹ́yìn pátápátá, kò sí àpò tí ọjọ́ rẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lórí pẹpẹ, nítorí oṣù kejìlá ọdún yìí ni ti àwọn yòókù. Èyí tó yẹ kó jẹ́ ọmọ tuntun jù lọ nínú ilé ló ń rùn bí páálí. Nítorí náà, ọjọ́ iwájú àpò yẹn ń parọ́. Bí ọjọ́ bá sì ń parọ́, ẹnìkan ló kọ́ ọ ní irọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìfura ti wọ ilé kọfí. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, àmọ́ oògùn yìí kò jẹ́ kí Ìyá Oníkọfí gbádùn oúnjẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ òórùn àpò kí ó tó ṣí i, àní láti ara ihò àtẹ́gùn kékeré tó wà níwájú rẹ̀. Bí Eyínfúnjowó bá mú ẹrù wá, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, kì í wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rín tó ti ń dùn mọ́ ọn látọdúnmọ́dún wá dà bí aṣọ tí wọ́n fi bo nǹkan. Ó rántí pé ọkùnrin náà ti ra mọ́tò tuntun. Ó rántí pé ó máa ń yára lọ nísinsìnyí, kì í jókòó mu omi. Lọ́jọ́ kan, ó bá Eyínfúnjowó àti Jẹ́jẹ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́bàá ẹ̀rọ ìlọkọfí, bí wọ́n sì ti rí i ni wọ́n pa ẹnu mọ́. Ó bi Jẹ́jẹ́ léèrè. Jẹ́jẹ́ ní òun kàn ń sọ fún un pé Màámi ti ń gbọ́ òórùn àpò ni. Ìdáhùn yẹn kò tù ú lára. Ta ló ní kó máa ròyìn òun fún ẹni tí òun ń ṣọ́?

Ohun tó wá fọ́ ọ lójú pátápátá ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹrù tuntun dé. Ó fẹ́ lẹ lébẹ́ẹ̀lì ṣọ́ọ̀bù mọ́ àpò kan, èékánná rẹ̀ sì kọ́ nǹkan. Ó gbé àpò náà sún mọ́ fèrèsé. Lébẹ́ẹ̀lì méjì ló wà níwájú rẹ̀, wọ́n lẹ ọ̀kan bo èkejì. Etí ti ìsàlẹ̀ yọ díẹ̀, funfun, bí àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó yọ lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì.

Kò ṣí i. Ọwọ́ rẹ̀ yún ún, àmọ́ kò ṣí i. A kì í mú olè lẹ́yìn, ojúkorojú là ń mú un. Ó fi aṣọ wé àpò náà, ó fi sínú báàgì rẹ̀, ó sì fi èyí tí kọfí rẹ̀ kú tì í, èyí tí wọ́n ti lò dé ìdajì.

Ọkọ rẹ̀ ń tún ẹsẹ̀ pẹpẹ ṣe lọ́wọ́ nígbà tó sọ fún un. Ó dúró títí tí ìyàwó rẹ̀ fi parí, ó fi ọwọ́ gbá ìyẹ̀fun pákó kúrò ní orúnkún rẹ̀, ó wá bèèrè bóyá ó ti ka ohun tó wà lábẹ́ lébẹ́ẹ̀lì náà. Ó ní rárá. Ó bèèrè bóyá ó ti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ó ní rárá. Ọkọ rẹ̀ mí kanlẹ̀.

"Bó bá jẹ́ òótọ́," ó wí, "èmi fúnra mi ni máa sọ fún un pé kó má gbé kóró kọfí kan wá síbí mọ́, kí bàbá tó bí wa gbọ́ ọ ní ibojì. Ṣùgbọ́n bí kò bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ẹyin lọ̀rọ̀, ìyàwó mi. Bó o bá ti pe àbúrò mi lólè, mi ò ní gọ́ọ̀mù tí mo lè fi lẹ ilé yẹn pọ̀."

"Àpò yìí ló pè é, èmi kọ́."

"Àpò kì í sọ̀rọ̀. Ìwọ lò ń sọ̀rọ̀."

Ó lọ bẹ́ẹ̀ náà. Kò pe Eyínfúnjowó tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí iná ń jó ló yàn, kí ó lè bá ọwọ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ilé ìyankọfí náà jẹ́ ilé ìkẹ́rù àtijọ́, ògiri rẹ̀ gùn, fèrèsé rẹ̀ ga lókè, ọ̀pọ̀ àpò tí kọfí tútù aláwọ̀ ewé wà nínú wọn sì tò gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Láàárín ni ẹ̀rọ wà, ìlù irin ńlá kan tó ń yí lórí iná. Nígbà tó wọlé, hóró inú rẹ̀ ti ń ta pàrà pàrà. Eyínfúnjowó fa ọ̀pá kan, kọfí sì ya jáde sínú àwo irin gbàràmù, dúdú, ó ń dán, apá irin ń rò ó kí afẹ́fẹ́ lè tù ú. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Lórí tábìlì kan níkángun, obìnrin alápò kan, ẹni àgbà tó fi gèlè gbá irun mọ́lẹ̀, ń di hóró sínú àpò, ó sì ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ojú Ìyá Oníkọfí lọ síbẹ̀ kíá. Lébẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìkọ̀ọ̀kan. Ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò sí ẹni tó ń jalè lójú ọ̀sán.

Eyín funfun ti yọ láti ọ̀ọ́kán. "Ìyàwó wa. Ta ló kú ní ilé tí ẹ fi wá láìpè?"

"Ẹnikẹ́ni ò kú, ọkọ mi kékeré. Kọfí ló kú."

Ó kí obìnrin alápò, ó gbé àpò kìíní jáde kúrò nínú báàgì, ó tú aṣọ ara rẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì. Ó fi èékánná tọ́ka sí etí lébẹ́ẹ̀lì náà. Ojú Eyínfúnjowó ló ń wò.

Ẹ̀rín náà kúrò níbẹ̀. Ó kúrò bí ìgbà tí wọ́n pa iná. Ọkùnrin náà wo àpò, ó wo ilẹ̀, ó na ọwọ́ láti gbà á. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, mo máa fún yín ní òmíràn."

Nígbà yẹn ni ọkàn Ìyá Oníkọfí balẹ̀. Ó balẹ̀ lọ́nà burúkú, bí ọkàn ẹni tó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sì bá a lọ́wọ́ olè. Ó fa àpò náà sẹ́yìn. Ó ní rárá, òun kò fẹ́ òmíràn, èyí ni òun fẹ́. Ó gbé iwájú àpò náà sún mọ́ ìgò omi gbígbóná tó ń rú èéfín lórí tábìlì kí gọ́ọ̀mù lè rọ̀, ó fi èékánná sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bó lébẹ́ẹ̀lì òkè náà díẹ̀díẹ̀. Eyínfúnjowó kò dá a dúró. Obìnrin alápò ti ọwọ́ bọ àpò, ó ń wòran.

Lébẹ́ẹ̀lì òkè jáde lódidi. Ó kà á: a yan án ní oṣù kẹsàn-án ọdún yìí, ó dára jù kó tó di oṣù kejìlá ọdún yìí. Ó wá ka ti ìsàlẹ̀.

A yan án ní oṣù kẹsàn-án ọdún yìí. Ọjọ́ kan náà gan-an. Ó dára jù kó tó di oṣù kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀.

Ó tún un kà. Ó gbé méjèèjì síra wọn, ó sì tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ kò bá ohun tó gbé wá láti ilé mu. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọfí gbó tàn án jẹ, ọjọ́ gígùn ló yẹ kó lẹ̀ bo ọjọ́ kúkúrú. Èyí fi ọjọ́ kúkúrú bo ti gígùn.

Obìnrin alápò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Irú olè wo rèé, tó ń jí nínú àpò ara rẹ̀?"

Eyínfúnjowó jókòó sórí àpò kọfí tútù. Ó ní ojú ń ti òun ni, kì í ṣe pé òun jalè. Ó wá ṣàlàyé. Ọjọ́ tí wọ́n yan kọfí, ó ní, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Iná jó, ó kú, kò sí bí a ṣe máa yí i padà. Ọjọ́ "ó dára jù kó tó di" kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìlérí ni. Ẹni tó yan kọfí ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe é, kálukú sì ní iye tirẹ̀. Òun náà ń ṣe ìlérí ọdún kan tẹ́lẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe bá a lára àpò àwọn ẹlòmíràn. Kọfí kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá láàárín ọdún náà, tàbí lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá bó bá gbẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan òun po èyí tó ti pẹ́ mu, kò lè kọjá ọ̀fun òun. Láti oṣù karùn-ún ni òun ti gé ìlérí náà sí oṣù mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ tó ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì padà sí ọdún kan fúnra rẹ̀, wọn kò sì rí i títí wọ́n fi lẹ díẹ̀. Wọ́n wá tẹ èyí tó tọ́, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ bò ó.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi láti oṣù karùn-ún?"

"Bí mo bá sọ fún yín, ẹ máa ní ṣé irọ́ ni mo ń pa fún yín kó tó di oṣù karùn-ún."

Ìyá Oníkọfí mọ̀ pé òun ìbá sọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò ní kó fà sẹ́yìn. Ó gbé àpò kejì jáde, èyí tó ti dé ìdajì, ó sì tì í síwájú rẹ̀ bí adájọ́ tó ní ẹlẹ́rìí kan sí i. Ó ní ó dára, kó ṣàlàyé èyí. Ọjọ́ rẹ̀ jìnnà ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ, ó sì kú ju gbogbo wọn lọ.

Eyínfúnjowó wo iwájú àpò. Ó fi ìka kan orúkọ ṣọ́ọ̀bù. "Ta ló lẹ èyí bo ìlà mi?"

"Èmi ni. Kí ló wà níbẹ̀ tí oníbàárà fẹ́ kà?"

Eyínfúnjowó fi omi gbígbóná mú kí lébẹ́ẹ̀lì náà rọ̀ bí obìnrin náà ṣe ṣe ti ìṣáájú, ó bó o, ó sì yí àpò náà kọjú sí i kí ó kà á fúnra rẹ̀. A yan án ní oṣù kẹta ọdún yìí.

Ìyá Oníkọfí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣe ìṣirò fún un. Ó ti rántí. Ní oṣù kẹta ni ọkùnrin yìí sọ fún un pé òun fẹ́ tú ẹ̀rọ òun palẹ̀ fún àtúnṣe, pé kó kó ọ̀pọ̀ àpò pamọ́. Ó sì kó o. Ìlérí ọdún kan ló wà lára wọn. Nígbà tí iná tún bẹ̀rẹ̀ sí jó, àpò tí ìlérí rẹ̀ kúrú ló ń dé, gbogbo èyí tó bá sì dé ni òfin rẹ̀ ń sún síwájú, nítorí ọjọ́ tiwọn sún mọ́lé. Àwọn ti oṣù kẹta dúró sẹ́yìn lórí pákó funfun, wọ́n ń gbó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ ọdún tó ń bọ̀ lójú wọn. Ìgbà tí tuntun bá tán kí ẹrù tó dé nìkan ni Jẹ́jẹ́ ń fa ọ̀kan jáde. Èyí tó ń pè ní ọmọ ìkókó ni àgbà ilé.

"Èyí tó ń ya wèrè ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Eyínfúnjowó bèèrè ìgbà tó máa ń ṣí àpò tuntun. Obìnrin náà ní lọ́jọ́ tó bá dé ni, nítorí ọjọ́ iwájú rẹ̀ ló sún mọ́lé jù. Ọkùnrin náà mi orí. Ó bu hóró díẹ̀ nínú àwo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù, ó lọ̀ ọ́, ó sì lọ ti oṣù kẹta sínú ife mìíràn, ó wá da omi gbígbóná lé méjèèjì. Ti tuntun wú sókè, ó ń mí, ìfófòó rẹ̀ ń bẹ́ bí ẹnu ẹja. Ti oṣù kẹta dùbúlẹ̀ bí ẹrẹ̀. Ó ní bí kọfí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe ihò sára àpò nìyẹn, kí afẹ́fẹ́ lè jáde kí ti ìta má wọlé. Bí ẹ̀rọ kọfí bá fi agbára ti omi gba inú rẹ̀ kó tó mí tán, omi kò ní rí ọ̀nà tó dọ́gba gbà, ó máa kan. Kó sinmi ọ̀sẹ̀ kan, ó dára kó lé díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n mu ún láàárín oṣù kan tàbí díẹ̀ sí i, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ara nù. Gbogbo ìyẹn, ó ní, ìlà kékeré ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ gàdàgbà kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Obìnrin alápò ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá Oníkọfí ń ká aṣọ tó fi wé àpò wá. Ó ní ọ̀rọ̀ ti yé òun.

"Ẹ ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi," ni Eyínfúnjowó wí. Kì í ṣe ìbéèrè.

"Mo ti sọ."

"Ẹ ní mo jalè."

"Mo ní ara fu mí sí àpò náà."

"Àpò." Ó dìde, ó lọ síbi ẹ̀rọ, ó kọ ẹ̀yìn sí i. "Bí ẹ ṣe sọ ti àkọ́kọ́ fún un, kí ẹ lọ sọ èyí náà. Kí ẹ má gé e kúrú. Ní ti ẹrù ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò tíì mọ̀ bóyá mo máa gbé e wá."

Ó dé ilé, ó sọ ọ́, kò gé e kúrú. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ títí dé òpin, kò sì bú u. Ó kàn ní òun kò ní bá a bẹ àbúrò òun, nítorí òun kò bá a lọ. Ìyẹn dùn ún ju èébú lọ.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti Jẹ́jẹ́ kó gbogbo àpò kúrò lórí pẹpẹ. Wọ́n bó lébẹ́ẹ̀lì ṣọ́ọ̀bù kúrò lórí ìlà kékeré lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n sì tò wọ́n lọ́tun, ọjọ́ iná ni wọ́n fi tò wọ́n. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan lọ sẹ́yìn láti sinmi. Jẹ́jẹ́ bèèrè bóyá kí òun da ti oṣù kẹta nù. Ìyá Oníkọfí wò ó bí ẹni tó ní kí wọ́n da ọmọ nù. Ọjọ́ ìlérí wọn kò tíì pé, wọn kò bàjẹ́, ó kàn ti rẹ̀ wọ́n ni. Ó fi omi tútù rẹ wọ́n mọ́jú, ó pò wọ́n pọ̀ mọ́ mílíìkì, ó dín iye tó ń tà á kù, ó sì sọ fún ẹni tó bá bèèrè pé kọfí tó ti pẹ́ ni. Àwọn kan rà á, àwọn kan ní kò dùn mọ́ àwọn. Bàbá Aláago mu ti tuntun tó ti sinmi, ó mu ún tán, ó padà sídìí aago rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fọkàn Ìyá Oníkọfí balẹ̀. Ọjọ́ ẹrù ló ń dúró dè. Ọkùnrin kan láti ilé ìyankọfí mìíràn tilẹ̀ wá fi kọfí lọ̀ ọ́ nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, Ìyá Oníkọfí ka ìlà kékeré rẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ó ní kó máa lọ. Bí òun bá rà á, ilé ti pín nìyẹn, òun ló sì máa jẹ́ ẹni tó pín in.

Lọ́jọ́ ẹrù, ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀sán pọ́n. Nígbà tí oòrùn ti ń yẹ̀ lójú títì ni mọ́tò dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Eyínfúnjowó fúnra rẹ̀ ló gbé páálí wọlé. Ó kí i, eyín kò yọ. Kò fún un ní páálí náà lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀, ó gba ẹ̀yìn káńtà kọjá láìtọrọ gáfárà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fa àpò jáde lórí pẹpẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ìlà kékeré ara wọn, ó ń dá wọn padà.

Jẹ́jẹ́ wo ọ̀gá rẹ̀. Ìyá Oníkọfí mọ irú ojú tí ọkùnrin náà fi ń wo pẹpẹ yẹn, òun náà ti lò ó rí, kò sì ronú pé bó ṣe máa ń rí lára ẹni tí wọ́n ń wò nìyẹn. Ara rẹ̀ ń gbóná bí ẹni tí wọ́n ń tú ẹrù rẹ̀ wò lójú ọjà.

Eyínfúnjowó dé àárín, ó dúró. "Èyí ló yẹ kó ṣáájú èyí."

Ìyá Oníkọfí sún mọ́ ọn, ó kà á. Òótọ́ ni. "Ẹ bá mi gbé e ṣáájú."

Ó gbé e. Obìnrin náà mú àpò tó wà níwájú pátápátá, ó lọ hóró rẹ̀, ó po ife kan, ó sì gbé e síwájú rẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i. Eyínfúnjowó kò tíì fọwọ́ kàn án. Ó ní ìgbà wo ni wọ́n yan èyí.

"Ẹ̀yin lẹ yan án. Ẹ kà á."

Ó fa àpò náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó kà á, ó gbọ́ òórùn ife, lẹ́yìn náà ló mu ún. Ó mu ún tán. Ó gbé ife kalẹ̀, ó ní òun kò ní fi ẹrù rán ẹnikẹ́ni, òun fúnra òun ni yóò ṣì máa gbé e wá, kí òun lè máa wo pẹpẹ yìí.

"Ẹ máa bọ̀," ni Ìyá Oníkọfí wí, ó sì fa páálí náà sọ́dọ̀, ó ṣí i, ó gbé àpò àkọ́kọ́ sójú ìmọ́lẹ̀, ó ń ka tirẹ̀.